Fóònù Tàbí Tábúlẹ́ẹ̀tì Tó Ń Ṣájì Ṣùgbọ́n Tí Kò Tàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Fóònù mi ń ṣájì, àmọ́ kò tàn. Ṣé ó ti kú nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó má tíì kú rárá. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni àwòrán bátìrì tó máa ń yọ lójú fóònù bí wọ́n bá ti ki okùn bọ̀ ọ́. Gbogbo ohun tí àwòrán yẹn ń sọ ni pé fóònù mọ̀ pé okùn wà nínú ihò ṣájà. Kò sọ bóyá iná tó ń wọlé pọ̀ tó, kò sì sọ bóyá bátìrì ń gba iná náà dúró.

Nǹkan mẹ́ta la máa ń wádìí, lẹ́sẹẹsẹ. Ṣé iná ń wọlé dáadáa? Ọ̀rọ̀ okùn, ṣájà àti ihò ṣájà nìyẹn. Ṣé bátìrì ń gba iná, tó sì lè gbé e jáde nígbà tí fóònù bá fẹ́ jí? Ṣé fóònù fúnra rẹ̀ lè jí? Ẹ má fo èyí àkọ́kọ́ lọ sí àwọn tó kù. Àwọn kan máa ń ra bátìrì tuntun nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí inú ihò ṣájà ló fa gbogbo wàhálà.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni?

Ẹ fipá tún un tàn. Nígbà mìíràn fóònù ò kú, ńṣe ló gan: ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ bọ́tìnnì mọ́, ojú rẹ̀ sì dúdú. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí ṣájà bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Lórí Sámúsọ́ǹgì, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù àti bọ́tìnnì tí a fi ń tan fóònù pọ̀, kí ẹ dì wọ́n mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Lórí Áífóònù 8 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ tẹ èyí tó ń dín in kù kí ẹ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá di ti ẹ̀gbẹ́ mú títí àmì èso tí wọ́n gé jẹ yóò fi yọ. Áípáàdì tó ní bọ́tìnnì róbótó nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, òun àti bọ́tìnnì òkè lẹ máa dì mú pọ̀. Ní ti Tẹ́kínò, Infíníìsì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, bọ́tìnnì títan nìkan máa ń tó bí ẹ bá dì í mú pẹ́, ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí kò bá dáhùn, ẹ fi èyí tó ń dín ohùn kù kún un.

Bí ẹ bá rí ìwé kékeré lójú fóònù tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tó ní orísìírísìí ohun tí ẹ lè yàn, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi bọ́tìnnì ohùn rìn dé `Reboot system now`, kí ẹ fi bọ́tìnnì títan yàn án. Ẹ má fọwọ́ kan `Wipe data/factory reset` o, nítorí yóò nu gbogbo fọ́tò àti nọ́ńbà yín dànù.

Ojú rẹ̀ dúdú, àmọ́ ó ń gbọ̀n bí mo bá ki okùn bọ̀ ọ́. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?

Ó ṣeé ṣe kí fóònù wà láàyè, kó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló kú. Ẹ fi fóònù mìíràn pè é. Bó bá dún tàbí tó gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ṣájà ti kúrò níbẹ̀. Ẹ tún lè wọ inú òkùnkùn, kí ẹ na tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Lórí àwọn tó ní iná lẹ́yìn gíláàsì, bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ló lọ. Ẹni tó ń pààrọ̀ ojú fóònù lẹ máa wá lọ.

Tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ìgbà tí iléèwé ti wọlé. Mo ṣájì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tàn. Ṣé mo ti lè gbà pé ó ti bàjẹ́?

Rárá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì tó nǹkan kan. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fólítì 4.2, àwọn tuntun mìíràn sì lè dé 4.4. Fóònù máa ń pa ara rẹ̀ bó bá ti lọ sílẹ̀ tó 3.4 tàbí súnmọ́ ibẹ̀, torí ó fẹ́ dáàbò bo bátìrì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá gbé e jù sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù náà ń jò lọ díẹ̀díẹ̀, títí tí bátìrì yóò fi rẹlẹ̀ ju 3 lọ.

Bátìrì tó bá rẹlẹ̀ tó báyìí kò ṣeé da iná lé lórí lójijì. Ẹ̀rọ tó ń darí ṣájì nínú tábúlẹ́ẹ̀tì mọ èyí, torí náà iná tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń fún un títí yóò fi padà sókè, kó tó wá ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì lè dúdú kirikiri, tàbí kí àwòrán bátìrì máa yọ, kó máa parẹ́. Ẹ lo ṣájà tó dára, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Fún tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá tó ti pẹ́ nílẹ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kò pọ̀ jù. Ẹ má máa tẹ bọ́tìnnì títan ní gbogbo ìṣẹ́jú, torí ìwọ̀nba tó ti kó jọ lẹ tún ń fà jáde yẹn.

Bí iná NẸ́PÀ bá ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò yín, ẹ lè fi pawábáǹkì tó kún ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn kan máa ń pa ara wọn bí iná tí wọ́n ń gbé jáde bá tín-ín-rín jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé okùn ṣájà ló ní àìsàn?

Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi okùn àti ṣájà yẹn kan náà ṣájì fóònù mìíràn tí ẹ mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Bí ìyẹn náà kò bá gba iná dáadáa, ẹ yọ okùn nìkan, kí ẹ fi òmíràn sí orí ṣájà náà. Bó bá wá dára, okùn ni. Bí kò bá yí padà, orí ṣájà ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ okùn, ṣájà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Okùn sábà máa ń kú lẹ́bàá ọrùn rẹ̀, níbi tó ti wọ orí tí a ń kì bọ fóònù, torí ibẹ̀ la máa ń ká kò. Wáyà inú rẹ̀ á já níkọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ́ kù á sì máa gbé iná díẹ̀. Ìyẹn ló fi lè mú àwòrán bátìrì yọ tí kò sì ní agbára láti kún nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀: bó bá gbóná ju ibòmíràn lára okùn lọ, ẹ jù ú nù. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ náà. Lórí okùn Áífóònù àtijọ́, ẹ lè rí i pé ọ̀kan nínú àwọn irin wúrà kéékèèké yẹn ti dúdú bíi pé wọ́n fi iná sun ún. Okùn yẹn ti parí iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ara yín lójú, ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín orí ṣájà àti okùn. Wọ́n ń tà á ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì n'Ikẹjà àti níbi tí wọ́n bá ti ń ta ohun èlò fóònù. Yóò ka fólítì àti ámúpíà síta. Lórí ṣájà lásán, fólítì 5 àti ámúpíà 1 sókè fi hàn pé iná ń wọlé. Bó bá ń ka 0.05 tàbí 0.1 lórí bátìrì tó ṣófo, ohun kan ń dínà. Àmọ́ ẹ rántí pé bátìrì tó ti kún náà kì í gba ju ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ lọ, ti inú dúrọ́ọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Iye kan kò tó láti fi dájọ́. Ẹ wò ó bóyá yóò gòkè lẹ́yìn bíi wákàtí kan.

Ṣé mo lè fi ṣájà fóònù kékeré ṣájì tábúlẹ́ẹ̀tì? Tàbí kí n kì í bọ kọ̀ǹpútà?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró títí kó má tàn. Ẹ wo ara ṣájà yín, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Bí ẹ bá rí `OUTPUT: 5V 0.5A` tàbí `1A`, ó kéré fún tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá. `5V 2A` ni kí ẹ wá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ju ámúpíà 0.5 lọ. Nígbà tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá fẹ́ jí, ó máa ń gbé iná ju ìyẹn lọ, nítorí náà á dé ibi àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, á sì tún kú.

Ẹ̀rù àwọn èèyàn ni pé ṣájà ńlá á jó fóònù kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀ bí ṣájà náà bá jẹ́ ojúlówó: fóònù ló ń pinnu iye ámúpíà tó máa gbà. Ayédèrú ṣájà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ìdọ̀tí wà nínú ihò ṣájà?

Ẹ ki okùn tó dára bọ̀ ọ́ kí ẹ wo ibi tó dúró sí. Orí okùn yẹ kó wọlé títí dé èjìká rẹ̀. Bí àlàfo bá kù, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n èékánná, tàbí tí okùn ń yọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gbé fóònù dúró, ohun kan wà nísàlẹ̀ ihò. Òwú àpò ṣòkòtò ló sábà máa ń jẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ki okùn bọ̀ ọ́ lẹ tún ń tẹ òwú náà mọ́lẹ̀, títí yóò fi le bí ìtì.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ihò tó mọ́ máa ń jẹ́ kí ẹ rí irin tó ń dán nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó rí bíi búláńkẹ́ẹ̀tì eérú, ẹ ti rí ọ̀tá yín.

Kí ni mo lè fi tọ́ ọ jáde? Pínnì ńkọ́?

Ẹ má fi pínnì, abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan sínú rẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ pa fóònù, bátìrì ṣì wà nínú rẹ̀, irin sì lè so ohun tí kò yẹ kó pàdé pọ̀. Ó tún lè ha wúrà ara àwọn irin kéékèèké yẹn, èyí tí kò ṣeé fi padà.

Igi ìtayín ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kó pẹlẹbẹ kó sì tín-ín-rín. Ẹ pa fóònù, ẹ yọ ọ́ lórí ṣájà, kí ẹ dojú ihò náà kọlẹ̀, kí ohun tó bá já lè bọ́ síta. Ẹ kì í wọlé létí ògiri ihò, dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń yọ ohun tó há séyín. Ihò Táìpù-Sí ní ahọ́n pẹlẹbẹ kan láàárín. Ẹ má tẹ ahọ́n náà, ẹ má tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí bó bá ṣẹ́, gbogbo ihò náà lẹ máa pààrọ̀. Ti Áífóònù àtijọ́ kò ní ahọ́n, àwọn irin rẹ̀ wà lára ògiri, nítorí náà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ẹ gbájú mọ́.

Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ á wọ inú rẹ̀, á sì di ìpẹtà tó bá yá.

Mo rí ohun tó ní àwọ̀ ewé nínú ihò náà. Ṣé ìdọ̀tí náà nìyẹn?

Rárá, ìpẹtà ni. Omi tàbí òógùn ti wọ ibẹ̀, tí ẹ sì ń ṣájì í bó ṣe tutù. Bó bá kéré, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ẹ rì díẹ̀ sínú ọtí ìfọ̀nǹkan tó jẹ́ ìdá 90 nínú 100 sókè fọ̀ ọ́ nígbà tí fóònù wà ní pípa, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Bó bá ti jẹ irin náà, ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò pààrọ̀ ihò.

Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù, ẹ gbọn omi jáde pẹ̀lú ihò dojú kọlẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Áífóònù fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé èérún rẹ̀ lè ba fóònù jẹ́.

Ó fi 100% hàn lórí ṣájà. Mo tan án, ó dé ibi àmì ilé-iṣẹ́, ó kú. Báwo ni bátìrì tó kún ṣe lè jẹ́ ìṣòro?

Ibi tí èèyàn ti máa ń jiyàn jù nìyí. Nígbà tí fóònù wà ní pípa, iṣẹ́ kò sí lọ́rùn bátìrì, torí náà fólítì rẹ̀ dúró sókè, iye tí ẹ rí sì ga. Nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, ojú fóònù tàn, ọpọlọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo wọn béèrè iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tó ti gbó kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́. Fólítì rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, fóònù á rò pé iná tán, á sì pa ara rẹ̀. Lọ́gán tí ẹrù bá kúrò, fólítì á tún gòkè, ẹ ó sì tún rí 100%. Ó dà bí àgbàlagbà tó jókòó tí ara rẹ̀ le, àmọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ bó bá fẹ́ dìde.

Àmì rẹ̀ ni pé fóònù lè tàn nígbà tí ó wà lórí ṣájà ńlá, kó sì kú bí ẹ bá yọ okùn, tàbí kó kú bí ẹ bá ṣí kámẹ́rà. Bátìrì Áífóònù 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe kó lè ṣì gba ìdá 80 nínú 100 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣájì í ní kíkún ní ìgbà 500. Fóònù tí ẹ ń ṣájì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta ti kọjá ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ lè fi ọ̀kan tí ẹ tún ṣe ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń wádìí rẹ̀?

Ìyá kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ fi ń wo eré wá. Àwòrán bátìrì ń yọ, ó ń parẹ́. Ó ti ní kí wọ́n bá òun ra ojú tuntun. A fi okùn rẹ̀ àti mítà sí i: iye ń fò láàárín 0 àti 0.1. A mi okùn náà díẹ̀, iye tún fò. A fi okùn tiwa sí i, ó ṣì ń fò. Okùn ìyá náà kò jẹ̀bi nìyẹn, ihò ló kù. Tọ́ọ̀ṣì fi òwú hàn, pẹ̀lú èérún bisikíìtì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. A fi igi yọ ọ́, iye dúró jẹ́ẹ́ sí 0.15.

Ẹlòmíràn á ní 0.15 kéré jù. A fi í sílẹ̀. Kó tó pé wákàtí kan, ó fò sókè sí 1.5, èyí tó fi yé wa pé bátìrì ti jáde kúrò nínú ọ̀gbun, ọ̀nà sì ti ṣí. Nígbà tó kọjá 20%, a tan án: àmì ilé-iṣẹ́ yọ, ó kú. A tún tan án, ó kú níbẹ̀ kan náà. A ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, a fi mítà sí ojú bátìrì: 3.8 nígbà tó sinmi. A tẹ bọ́tìnnì, ó já sí 3.0. Bátìrì tuntun ló parí ẹjọ́ náà. Ihò àti bátìrì ni, ojú tí ìyá fẹ́ rà kò ní nǹkan kan.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní bátìrì mi ka òdo lórí mítà, pé òun máa «búùsì» rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Òdo kò túmọ̀ sí pé bátìrì ti kú tán. Bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí bátìrì tó máa ń ti ilẹ̀kùn bí fólítì bá rẹlẹ̀ jù, mítà á sì ka òdo látìta. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fún un ní iná díẹ̀ láti jí i, tí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹlẹ̀ ni.

Àmọ́ bó bá ti wà nísàlẹ̀ fólítì 2 fún oṣù púpọ̀, mi ò ní gbà á níyànjú. Bàbà inú rẹ̀ ti lè yọ́, kó sì ti dà bí ìṣó kéékèèké tó ń so inú bátìrì pọ̀. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gba iná lónìí, kó gbóná lábẹ́ ìrọ̀rí lọ́la. Ẹ ra tuntun.

Ẹ̀yìn fóònù ti yọ síta díẹ̀, ṣé kí n máa ṣájì í lọ?

Ẹ yọ ọ́ lórí ṣájà báyìí. Bátìrì ló wú. Ẹ fi fóònù lélẹ̀ lórí tábìlì: bó bá ń yí bí àgbá, ó ti wú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má gún un, ẹ má sun ún mọ́ pàǹtí. Ẹ gbé e sórí símẹ́ńtì lásán, jìnnà sí aṣọ àti tìmùtìmù, títí ẹ ó fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa yọ ọ́.

Ó dúró síbi àmì ilé-iṣẹ́, kò kú, kò sì wọlé. Bátìrì náà nìyẹn?

Kì í sábà jẹ́ bátìrì. Bátìrì tó rẹ̀ máa ń pa fóònù. Èyí tó ń yí pò lójú kan fún ìdajì wákàtí, ètò inú rẹ̀ ló dàrú, bóyá àyè ibi ìpamọ́ rẹ̀ ti kún tàbí iná lọ nígbà tó ń gba àtúnṣe tuntun. Lórí àwọn kan, ẹ máa rí `Wipe cache partition` nínú ìwé tí mo mẹ́nu bà lókè. Ẹ lè yan ìyẹn, kò ní nu fọ́tò yín.

Bí ẹni tó ń tún fóònù ṣe bá ní òun fẹ́ «fíláàṣì» rẹ̀, ìyẹn ni pé kó tún ètò inú rẹ̀ kọ sí i látìbẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ bóyá gbogbo ohun inú rẹ̀ máa lọ. Ó sábà máa ń lọ.

Okùn dára, ihò mọ́, bátìrì tuntun, kò ṣì tàn. Kí ló kù?

Bọ́tìnnì títan lè ti há tàbí kí wáyà rẹ̀ já. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó ń ta padà. Bí ìyẹn náà bá dára, ọ̀rọ̀ ti di ti bọ́ọ̀dù. Ẹ wá ẹni tó ní máíkírósíkóòpù àti ẹ̀rọ tó ń fún fóònù ní iná tààrà láìlo bátìrì. Tó bá so ó mọ́ ọn, iye tó ń ka ni yóò fi mọ ibi tí iná dé kó tó dúró. Bí iná bá ti ń wọ́ lọ púpọ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì, ohun kan ti so pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Bí kò bá gbé nǹkan kan nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń pín iná, tàbí ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló kú. Ẹ jẹ́ kó sọ iye owó fún yín lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Bí fọ́tò lẹ fẹ́ ju fóònù lọ, ẹ tètè sọ fún un, kó má baà ṣe ohun tó máa nu wọ́n.